Iṣẹ́ àárọ̀ n'Ìbàdàn, ìlà tíkẹ́ẹ̀tì ní Kalifọ́níà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ìdáhùn oníbàárà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan ní Kalifọ́níà, ilé mi n'Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe é. Aago 8 àárọ̀ ni mo ń wọlé, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣíwọ́. Gbogbo àwọn tó kù ti sùn nígbà tí mo bá wọlé. Zendesk ni ètò tí a fi ń dáhùn, ọ̀rọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sì ń di tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìlà níbẹ̀. Mo ti dá oníbàárà tí ẹlòmíràn ti yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lóhùn rí, tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn sì wà tí mi ò rí rárá títí àkókò rẹ̀ fi kọjá. Láti oṣù Kẹta yìí, aago wọn tún ti dàrú mọ́ mi lójú. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe bí mo bá jókòó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹ bá jókòó, ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Aago kan ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn ní Kalifọ́níà gbọ́wọ́ kúrò lórí iṣẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aago yẹn, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹnìkan ti rí i, ó sì nídìí tó fi fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká máa pe aago yẹn ní ààlà. Orí ìlà lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ dípò ààlà. Ibẹ̀ ni ìṣòro méjèèjì tí ẹ sọ ti ń wá.

Ká tètè yanjú ti aago, nítorí òun ni ààlà dúró lé. Aago tiwa kò yí pa dà. Nàìjíríà kì í ti aago síwájú, kì í tì í sẹ́yìn. UTC+1 la wà láti ọdún dé ọdún, ìyẹn ni pé wákàtí kan la fi ṣáájú UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó wà ní Kútọnu ń lo aago kan náà pẹ̀lú wa, ẹni tó wà ní Lomé ni kó yọ wákàtí kan. Àwọn ará Kalifọ́níà ló ti aago tiwọn síwájú ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2026, wọn ó sì dá a pa dà ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá. Nígbà òtútù wọn, wákàtí 9 la fi ṣáájú wọn. Ní báyìí, wákàtí 8 ni.

Ẹ wo ohun tí wákàtí kan yẹn ṣe sí iṣẹ́ yín. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ láti aago 9 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ tiwọn, nígbà òtútù, aago 6 ìrọ̀lẹ́ wa ni wọ́n ń wọlé, aago 2 òru ni wọ́n ń ṣíwọ́. Ní báyìí, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọlé, aago 1 òru ni wọ́n ń ṣíwọ́. Nítorí náà, wákàtí 6 ni ìlà fi wà láìsí olùtọ́jú kí ẹ tó dé tẹ́lẹ̀; ó ti di 7. Lẹ́yìn tí ẹ bá sì ṣíwọ́ ní aago 4, wákàtí 2 ló máa ń ṣófo kí wọ́n tó wọlé. Ó ti di wákàtí 1. Àlàfo àárọ̀ gùn sí i, ti ìrọ̀lẹ́ kúrú. Bí ààlà tí ẹ ń lò bá ṣì jẹ́ aago 2 òru, gbogbo ohun tí oníbàárà kọ láàárín aago 1 sí aago 2 máa ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Ẹ má fi orí ṣírò rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ Linux tàbí Mac, àṣẹ yìí á sọ aago wọn gan-an fún yín:

```
TZ=America/Los_Angeles date
```

Orúkọ ìlú ni kí ẹ máa kọ, kì í ṣe PST. PST jẹ́ orúkọ aago òtútù nìkan, ẹni tó bá fi ṣírò nínú oṣù Kẹrin yóò fi wákàtí kan ṣìnà. Nínú Zendesk náà, aago tí ẹ̀yin fi sí ojú ìwé ara yín ni wọ́n fi ń kọ àkókò sára tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Ẹ wò ó bóyá Èkó ló wà níbẹ̀ tàbí Kalifọ́níà. Ẹlẹgbẹ́ yín lè wí pé “mo fèsì ní 4:40,” kí ẹ̀yin sì rí 00:40 lára tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Òótọ́ ni méjèèjì.

Ní báyìí, ààlà. Bí wọ́n bá fi nóòtì sílẹ̀ fún yín, àkókò tó wà lórí nóòtì yẹn ni ààlà. Bí kò bá sí nóòtì, ẹ mú ìgbà tí wọ́n ń ṣíwọ́, kí ẹ sì fà á sẹ́yìn ní wákàtí kan, torí ẹlòmíràn lè ti tètè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí láti ìgbà yẹn. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, tí nóòtì wọn sì jẹ́ ti aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé níbẹ̀, ohun tí ẹ máa tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri nìyí:

```
type:ticket updated>=2026-03-10T00:00:00Z
```

Z tó wà níparí ń sọ pé UTC ni, kò sì sí iyèméjì kankan nínú rẹ̀. Aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé wọn ni agogo 12 òru UTC, òun náà ni aago 1 òru wa. Mi ò fi ipò tíkẹ́ẹ̀tì kún un nítorí pé ẹ nílò láti rí èyí tí wọ́n ti parí pẹ̀lú. Bí oníbàárà bá fèsì sí tíkẹ́ẹ̀tì tó wà ní Solved, ó máa ṣí pa dà. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé wọ́n ti parí rẹ̀ lálẹ́ àná á rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè tó ti dáhùn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì nínú èsì yìí. Èkíní, tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn nínú ìwákiri, nítorí náà ìlà àwọn tuntun lẹ máa wò fún ìyẹn. Èkejì ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: àkókò Updated kì í ṣe ti èèyàn nìkan. Zendesk ní àwọn òfin adáṣiṣẹ́ tó máa ń sáré yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní wákàtí wákàtí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi àmì kan kún tíkẹ́ẹ̀tì, Updated á yí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Nítorí náà, Updated kò tó láti fi mọ ẹni tó ń retí èsì.

Ohun tó ń sọ ẹni tó ń retí èsì ni ìyàtọ̀ láàárín Requester updated àti Assignee updated. Èkíní ni ìgbà tí oníbàárà kọ̀wé kẹ́yìn, èkejì ni ìgbà tí ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì wà lórúkọ rẹ̀ fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Bí ti oníbàárà bá jẹ́ ti lẹ́yìn, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì wà ní Open, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń dúró.

Ibí yìí gan-an ni tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò rí ti sá mọ́ yín lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹlẹgbẹ́ yín ní Kalifọ́níà bi oníbàárà léèrè nǹkan, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì sí Pending, ó lọ sùn. Oníbàárà fèsì ní òru wọn. Zendesk yí i sí Open fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ń sùn ló ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí nínú ìlà àwọn tí wọn kò tíì fi sórúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí orúkọ ẹnìkan wà lára rẹ̀. Kò sí nínú ìlà tiyín, nítorí kì í ṣe ẹ̀yin. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sùn nìkan ló ti hàn, á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́ kára lórí àwọn tó hàn síta.

Ẹ ṣe View kan, ìyẹn ìlà tí ẹ fi òfin tiyín ṣà jọ, fún irú rẹ̀. Ẹ lè dá a ṣe fún ara yín láìdúró de alábòójútó. Ẹ fi Status sí Less than Solved, kí ẹ fi Hours since requester update sí Less than 10, kí ẹ má sì fi orúkọ ẹnikẹ́ni dí i lọ́nà. Ẹ fi Assignee, Requester updated, Assignee updated àti Next SLA breach, ìyẹn ìgbà tí gbèdéke èsì tí iléeṣẹ́ ṣèlérí máa kọjá, sí ojú rẹ̀, kí ẹ to ó gẹ́gẹ́ bí Next SLA breach. Wákàtí 10 tó, torí ó bo àlàfo àárọ̀, ó sì fi díẹ̀ kún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò ní tó: láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì wọn sí aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ajé wa jẹ́ wákàtí 55. Ẹ ṣe òmíràn lọ́tọ̀ fún ọjọ́ Ajé, kí ẹ fi 60 sí i. Iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ View lè jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ ṣí i kí ẹ tún un kà.

Ọ̀rọ̀ gbèdéke ló tẹ̀ lé e. Kí ẹ tó gba ohun tí àmì SLA ń sọ gbọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wákàtí aago lásán ni wọ́n fi ń ka gbèdéke, tàbí wákàtí iṣẹ́. Ká ní ìlérí iléeṣẹ́ yín ni pé oníbàárà á rí èsì láàárín wákàtí 2. Oníbàárà kan kọ̀wé ní aago 7:10 àárọ̀ wa. Bó bá jẹ́ wákàtí lásán, aago 9:10 àárọ̀ ni gbèdéke pé, ìṣẹ́jú 70 péré lẹ́yìn tí ẹ wọlé. Bó bá jẹ́ wákàtí iṣẹ́ Kalifọ́níà, kíkà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Aago 9 àárọ̀ wọn ló máa bẹ̀rẹ̀, á sì pé ní aago 11 àárọ̀ wọn, tí í ṣe aago 7 alẹ́ wa. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà, wákàtí 2 kan náà. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí wọ́n ń lò á máa sáré lórí èyí tí kò kánjú, á sì fi èyí tó kánjú sílẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nóòtì abẹ́nú kì í dá aago yìí dúró. Èsì tí oníbàárà lè kà nìkan ló ń dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣe é látòkèdélẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà ni, ọjọ́ 10 oṣù Kẹta. Oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé wọ́n yọ owó òun lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlẹgbẹ́ yín ní kó fi àwòrán àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì kọ ọ́ fún un pé “ẹ ó gba owó yín pa dà kí ọjọ́ Tuesday tó parí,” ó fi í sí Pending, ó ṣíwọ́. Oníbàárà fi àwòrán ránṣẹ́ ní aago 6:10 àárọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, aago 7:10 wa. View yín gbé e jáde ní aago 8: Open, orúkọ ẹlẹgbẹ́ yín lára rẹ̀, gbèdéke 9:10.

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ tẹ orúkọ oníbàárà náà kí ẹ wo àwọn tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mìíràn. Ìdáhùn ẹ̀ẹ̀mejì kì í sábà wá láti inú tíkẹ́ẹ̀tì kan. Oníbàárà tó kọ ímeèlì tí kò rí èsì á lọ kọ ọ́ sínú ṣáàtì, á sì di tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ èèyàn méjì. Bí ẹ bá rí ìkejì, ẹ lè pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná, torí ohun tí a bá ti pa pọ̀ ní Zendesk kò ṣeé tú ká mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé àwòrán ẹlòmíràn hàn lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà, ẹnìkan ti ṣí i lọ́wọ́. Ẹ bi í kí ẹ tó tẹ nǹkan kan.

Ẹ wá ṣí àwòrán àkáǹtì náà. Owó méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, iye kan náà, ṣùgbọ́n báńkì kọ “pending” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan. Ẹ wo ibi tí iléeṣẹ́ yín ti ń gba owó: owó kan péré ló wọlé. Èyí tó kù jẹ́ owó tí báńkì kàn dè sílẹ̀, tí kò kúrò lọ́wọ́ oníbàárà, báńkì á sì tú u sílẹ̀ fún un láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí a bá dá owó pa dà níbí, èyí tó san lóòótọ́ la máa dá pa dà, á sì di pé kò sanwó rárá. Ìlérí ẹlẹgbẹ́ yín kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó fagi lé e, ẹ kò sì gbọdọ̀ tún un sọ bíi pé ẹ kò rí ohun tí ẹ rí.

Ẹ fèsì ṣáájú 9:10. Ẹ sọ fún oníbàárà pé ẹ ti rí àwòrán, pé owó kan ló dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́, pé èkejì wà ní ìdè lọ́dọ̀ báńkì rẹ̀, àti pé ẹ̀ka owó á fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kó tó di aago 6 ìrọ̀lẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Kí ló dé tí mo fi mú aago 6? Aago 4 ìrọ̀lẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ẹ̀ka owó ń wọlé ní Kalifọ́níà, mo sì fún wọn ní wákàtí 2 láti rí i. Ní aago 6 yẹn, ẹ̀yin ti ṣíwọ́ ní wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn, torí náà ọrùn wọn ni ìlérí yìí wà. Bí ẹ bá kọ “kí ọjọ́ tó parí” bí tẹni àná, ọjọ́ ta ni? Ti Lọ́ńdọ̀nù parí ní wákàtí 7 ṣáájú ti Kalifọ́níà lọ́sẹ̀ yẹn. Wákàtí 8 ni yóò tún dà láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ti aago tiwọn náà síwájú.

Ẹ má dá tíkẹ́ẹ̀tì náà pa dà sí Pending. Ìtumọ̀ Pending ni pé oníbàárà là ń dúró dè, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì ní òfin adáṣiṣẹ́ tó ń parí èyí tó bá pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi í sí On-hold, tó túmọ̀ sí pé ẹlòmíràn là ń dúró dè, bí alábòójútó bá ti ṣí ipò yẹn. Bí kò bá sí, kó wà ní Open. Ní ti ẹni tó wà lórúkọ rẹ̀, ẹ lè dá ẹnìkan lóhùn láìgba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, orúkọ tó wà níbẹ̀ kò ní yí. Ṣùgbọ́n èyí kò yẹ ní orúkọ ẹni tó ń sùn mọ́. Ẹ gbé e fún ẹ̀ka owó láìdárúkọ ẹnìkan, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé rí i, kí ẹ sì fi nóòtì abẹ́nú dárúkọ ẹlẹgbẹ́ yín kí ó mọ ibi tó lọ.

Nóòtì yẹn ni ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ẹ ó kọ láàárọ̀ náà. Ẹni tó máa kà á kò ní rí yín bi. Kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ rí: owó kan wọlé, èkejì wà ní ìdè, àwòrán wà nínú èsì 06:10 UTC. Kó sọ ohun tí ẹ ti sọ fún oníbàárà, àti aago tí ẹ dá: 18:00 UTC, 11:00 Kalifọ́níà. Kó sọ ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó kàn máa ṣe: kí ẹ̀ka owó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé owó kejì kò wọlé, kí wọ́n sì fèsì. Níparí, kó sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe: kí wọ́n má tíì dá owó kankan pa dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì àná ṣèlérí rẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ń dènà ìpalára, nítorí ẹni tó bá ka èsì àná nìkan á fẹ́ mú ìlérí ṣẹ.

Irú nóòtì yìí ni nóòtì ìfilélọ́wọ́ tí ẹ máa kọ fún gbogbo ìlà ní ìrọ̀lẹ́, àmọ́ àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí ìlérí wà lórí wọn nìkan ni kó wà níbẹ̀, tí gbèdéke tó sún mọ́ jù sì ṣáájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, kí ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un bí ẹ ti ń ṣe é. Ẹ kò mọ ìgbà tí iná tàbí nẹ́tíwọ́kì máa lọ, nóòtì tí ẹ fẹ́ kọ ní 3:50 lè má jáde. Ẹ fi aago tí ẹ parí rẹ̀ sí i ní UTC. Ààlà ti àwọn náà nìyẹn.

Bí ẹ bá rí oníbàárà márùn-ún sí mẹ́fà tó ń ráhùn nǹkan kan náà lẹ́yìn ààlà, ẹ má dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan ti bàjẹ́ ní òru. Ẹ pe ẹni tó wà lórí iṣẹ́ pàjáwìrì nípa ọ̀nà tí iléeṣẹ́ là sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sí ibi ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Slack á dúró dìgbà tó bá jí. Ẹ ṣe tíkẹ́ẹ̀tì kan ní Problem, kí ẹ so àwọn yòókù mọ́ ọn ní Incident. Nígbà tí wọ́n bá parí Problem yẹn, àwọn tí ẹ so mọ́ ọn á parí pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan kù tí kò sí nínú Zendesk. Lásìkò yìí, ẹ̀yin àti àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í pàdé rárá, gbogbo ọ̀rọ̀ ni nóòtì ń gbé. Ẹ bẹ ọ̀gá yín pé kí ẹ máa ṣiṣẹ́ láti aago 10 àárọ̀ sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lè bá wọn pàdé fún wákàtí kan. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ó gbọ́dọ̀ di aago 11 sí aago 7 kí wákàtí yẹn má baà sọnù. Àlàfo àárọ̀ á gùn sí wákàtí 9. Bí púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà tó ń kọ̀wé láàárọ̀ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí gbèdéke wọn sì jẹ́ wákàtí lásán, ìyẹn kò ní ṣeé ṣe. Ẹ dúró lórí aago 8, kí ẹ sì ní kí ẹnìkan láti Kalifọ́níà máa tètè wọlé ní aago 8 tiwọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ wa nìyẹn ní báyìí, á bá yín lórí ìjókòó bí ẹ bá fi ìdajì wákàtí dúró.